Ẹ̀gbọ́n mi ní èrè mi lórí séfà jẹ́ pásẹ́ńtì 20, ìyàwó mi ní owó kò pé

AránṣọÀjárá kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àgbádárìgì. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi ₦600,000 ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kútọnú kí wọ́n bá mi ra maṣíìnì ìránṣọ ńlá kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ́ owó náà sí séfà, ₦1,000 ń mú séfà 500 wá, torí náà séfà 300,000 ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ ta maṣíìnì náà yí ohùn padà, owó wá jókòó sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí mo ní kí wọ́n dá a padà, ₦1,000 ti di séfà 400 péré. Wọ́n ní náírà ti fi pásẹ́ńtì 20 já wálẹ̀, pé èrè tèmi náà nìyẹn, pásẹ́ńtì 20. ₦720,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní owó yẹn kò pé. Ta ló tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì?

Ọmọ_Ìbéréko kọ:

Ẹ̀gbọ́n yín tọ̀nà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé nìyẹn: ẹ yọ tuntun kúrò nínú ti àtijọ́, ẹ fi ti àtijọ́ pín in. 500 dín 400 ṣẹ́ku 100. Ẹ fi 500 pín 100, pásẹ́ńtì 20 ni. ₦600,000 pẹ̀lú pásẹ́ńtì 20 jẹ́ ₦720,000 géérégé. Ẹ bá wa bẹ ìyàwó yín kí wọ́n má dá ìjà ẹbí sílẹ̀.

Ọmọ_Ìkòròdú kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi owó ránṣẹ́ sókè òkun láìbéèrè iye tí wọ́n máa gé. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbàkígbà tó bá fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí wa ní Ìkòròdú, iye tó bá sọ kọ́ là ń rí. Wọ́n á ní àwọn ò gba kọ́bọ̀, àṣé inú réètì ni wọ́n fi pamọ́ sí. Mo rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín náà nìyẹn.

Bàbá_Séfà kọ:

Aránṣọ, ìyàwó rẹ ríran jìnnà. Mo ṣẹ́ owó ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, àṣìṣe tó wà níbí yìí sì wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ ká fi pásẹ́ńtì sílẹ̀ ná, ká ka owó.

Séfà 300,000 ló wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí o ní kí wọ́n dá a padà, séfà 400 ń mú ₦1,000 wá. Ọ̀nà mélòó ni 400 wà nínú 300,000? 750 ni. Owó rẹ di ẹgbẹ̀rún náírà lọ́nà 750 nìyẹn, ₦750,000. Ohun tó gorí ₦600,000 jẹ́ ₦150,000. Ìdá kan nínú mẹ́rin ₦600,000 sì ni ₦150,000, pásẹ́ńtì 25. Kì í ṣe 20.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ nípa náírà kì í ṣe irọ́. Ẹni tó di náírà mú lọ́wọ́ láàárín oṣù wọ̀nyẹn, pásẹ́ńtì 20 ló sọnù fún un tó bá fẹ́ ra séfà. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ nìyẹn. Séfà ni ìwọ dì mú ní gbogbo ìgbà yẹn. Iye tí náírà fi já kọ́ ni séfà fi gòkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjèèjì.

Mi ò tíì sọ pé wọ́n jẹ owó rẹ o. Ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. A ṣì máa dé ibẹ̀.

Ọmọ_Ìbéréko kọ:

Bàbá, ẹ dákun. Réètì kan ṣoṣo, ọjọ́ kan náà, báwo ló ṣe máa jẹ́ 20 kó tún jẹ́ 25? Tí ẹnìkan bá pàdánù 20, ẹlòmíràn ló jèrè 20 yẹn.

Bàbá_Séfà kọ:

Tí a bá ń ka owó, bẹ́ẹ̀ ni. Tí a bá ń ka pásẹ́ńtì, rárá, torí pé pásẹ́ńtì gbọ́dọ̀ jókòó lórí nǹkan kan.

Ìlànà tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwé kò burú, ohun tí o fi pín ni kò tọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹnubodè, bí ẹ ṣe ń pe owó ló ń tàn yín jẹ. Ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á ní "ẹgbẹ̀rún kan náírà, séfà mélòó?" Náírà lẹ ń dá iye lé níbẹ̀. Yí ìbéèrè náà padà: séfà kan, náírà mélòó? Nígbà tí ₦1,000 ń jẹ́ séfà 500, séfà kan jẹ́ ₦2. Nígbà tó di 400, séfà kan di ₦2.50. Ó yá, lo ìlànà tìrẹ. ₦2.50 dín ₦2 jẹ́ kọ́bọ̀ 50. Kọ́bọ̀ 50 lórí ₦2 jẹ́ mélòó?

Ọmọ_Ìbéréko kọ:

25. Hmmm.

Ó dáa, mo rí i. Ṣùgbọ́n ó ṣì jọ idán lójú mi.

Akọ̀wé_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Kì í ṣe idán o. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, dọ́là fi ọjọ́ kan ṣoṣo kúrò ní nǹkan bíi ₦471, ó sì wọ nǹkan bíi ₦664 ní ọjà ìjọba. Mo rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń bára wọn jiyàn ní ọ́fíìsì wa. Àwọn kan ní náírà já pásẹ́ńtì 29, àwọn kan ní dọ́là fò sókè pásẹ́ńtì 41. Kò sẹ́ni tó ṣìṣe nínú wọn. Ẹ fi 664 pín 471, ẹ máa rí 0.71, ìyẹn ni pé 29 ti lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi 471 pín 664, ẹ máa rí 1.41.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó ń ṣí tábìlì ìṣirò, kó fi réètì àtijọ́ sí B1, kó fi tuntun sí B2. Tó bá jẹ́ náírà mélòó fún séfà kan ni wọ́n pè é, ìlà kìíní ni ti ẹni tó di séfà mú. Tó bá jẹ́ séfà mélòó fún ₦1,000, ìlà kejì ni.

```
=B2/B1-1
=B1/B2-1
```

Ìyá_Ìdòwú kọ:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo tèmi náà. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Kútọnú. ₦100,000 ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù fún oúnjẹ àti ilé. Nígbà tí séfà wà ní ₦2, séfà 50,000 ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ń tó o. Nígbà tí réètì bàjẹ́ báyìí, ó ní séfà 40,000 lòun ń rí. Mo ṣírò ó, mo rí i pé pásẹ́ńtì 20 ló dín, mo bá fi pásẹ́ńtì 20 kún un, mo ń fi ₦120,000 ránṣẹ́. Ọmọ yìí ṣì ń pè mí pé kò pé! Mo sọ fún un pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ìnákúnàá.

Bàbá_Séfà kọ:

Ìyá Ìdòwú, ẹ má bá ọmọ wí. ₦120,000 ní ₦2.50 jẹ́ séfà 48,000. Séfà 2,000 ló dín sí ti tẹ́lẹ̀, ohun tó ń sọ fún yín nìyẹn. Ti Aránṣọ lẹ yí sódì yìí. Pásẹ́ńtì 20 ló sọnù lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kí ó tó padà sí séfà 50,000, pásẹ́ńtì 25 lẹ máa fi kún náírà yín, ₦125,000. Ìdí ni pé orí 40,000 tó ti kéré lẹ ti ń gun òkè padà. Pásẹ́ńtì 20 lórí 40,000 kò ju 8,000 lọ, ẹ sì nílò 10,000.

Ìyá_Ìdòwú kọ:

Háà. Séfà 2,000 yẹn gan-an ló máa ń tọrọ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ bú u lásán.

Ọmọ_Ìbéréko kọ:

Bàbá, ìbéèrè kan. Kí ló dé tí a kì í rí ìyàtọ̀ yìí lójoojúmọ́? Mo máa ń ṣẹ́ owó díẹ̀díẹ̀ ní Kráké, kò sí ìgbà kan tí ìṣirò mi yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ fún mi.

Bàbá_Séfà kọ:

Torí pé réètì kì í sábà sún púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí èkejì. Tí náírà bá já pásẹ́ńtì 2, séfà á gòkè pásẹ́ńtì 2 àti díẹ̀ tí o ò lè fi ra omi. Ojú kì í rí i. Bí ìjábọ̀ náà bá ṣe ń tóbi ni àlàfo ń là. Já 20, ẹnìkejì gòkè 25. Já 50, ẹnìkejì gòkè 100.

Ti 50 yẹn, mo fi ojú mi rí i. Oṣù Kìíní ọdún 1994 ni wọ́n já iye séfà wálẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, fáráǹkì Faransé kan jẹ́ séfà 50, ó ti wà bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó di séfà 100. Rédíò ń pariwo pé séfà já pásẹ́ńtì 50, àwọn kan nínú wa sì rò pé ọjà tó ń ti Faransé wá máa fi pásẹ́ńtì 50 wọ́n sí i. Àwọn tó ń ra oògùn àti míìkì Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ fáráǹkì 100 ní ìlú òyìnbó, séfà 5,000 ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó o wọlé. Lọ́jọ́ kejì, séfà 10,000. Ìlọ́po méjì gbáko. Ẹni tó ní fáráǹkì Faransé nínú àpótí lálẹ́ ọjọ́ yẹn jí di olówó ìlọ́po méjì. Ẹni tó ní séfà, ìdajì ló kù fún un tó bá ń wo ọjà òkè òkun.

Akọ̀wé_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Bàbá, níbẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà yúrò ti wá. Nígbà tí yúrò gba ipò fáráǹkì Faransé, yúrò kan jẹ́ fáráǹkì 6.55957. Ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di séfà 655.957. Ibẹ̀ ni séfà so mọ́ títí dòní, kì í kúrò.

Ó wúlò fún ọ̀rọ̀ Aránṣọ. Séfà kò ní ìrìn tirẹ̀, yúrò ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá réètì tí wọ́n sọ fún un ní ẹnubodè dáa, kó béèrè iye tí yúrò jẹ́ ní náírà lọ́jọ́ yẹn, kó fi 655.957 pín in. Bí yúrò bá wà ní ₦1,640, séfà kan á wà ní ₦2.50. Bí o bá mú séfà wá tà, tí wọ́n wá pè é ní ₦2.20 fún ọ, wọ́n ti fẹ́ jẹ ọ́ ní nǹkan.

Bàbá_Séfà kọ:

Ó dára, ṣùgbọ́n yúrò ọjà ni kí wọ́n béèrè, kì í ṣe ti báńkì nìkan. Nígbà mìíràn àwọn méjèèjì máa ń jìnnà síra. Àti pé tí àwọn obìnrin Agbálátà bá ń wá séfà lójú méjèèjì nítorí ọjà ọdún, ẹnubodè lè wọ́n ju ìṣirò yín lọ fún ọ̀sẹ̀ kan.

AránṣọÀjárá kọ:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Ìyàwó mi ti ka gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ ti wú. Ohun tí mo wá fẹ́ mọ̀ ni pé ibo ni ₦30,000 mi wà. Ẹ̀gbọ́n mi ni o, mi ò lè dédé pè wọ́n kí n ní wọ́n jẹ owó mi.

Bàbá_Séfà kọ:

Má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọ̀nà méjì ni ₦30,000 lè gbà lọ. Ọ̀kan kò ní ẹ̀bi nínú.

Réètì méjì ló wà lórí tábìlì gbogbo ẹni tó ń ṣẹ́ owó, wọn kì í sì í pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́ ká ní wọ́n ń sọ pé ọjà wà ní 400. Tí o bá mú náírà wá láti ra séfà, 395 ni wọ́n máa kà fún ọ lórí ₦1,000. Tí o bá mú séfà wá láti gba náírà, wọ́n á ní kí o mú bíi 410 wá kí wọ́n tó fún ọ ní ₦1,000. Àárín yẹn ni oúnjẹ wọn, èmi náà jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ mú séfà lọ ni, torí náà 400 kọ́ ló máa bá níbẹ̀. Ní 410, séfà 300,000 á jẹ́ nǹkan bíi ₦731,700. Èrè rẹ á wá jẹ́ pásẹ́ńtì 22 ó dín díẹ̀. Ìyẹn kò burú rárá, kò sẹ́ni tó jà ọ́ lólè.

Ọ̀nà kejì ni pé wọn ò lọ ṣẹ́ nǹkan kan. Wọ́n lè ti fi séfà náà ṣe nǹkan tiwọn, kí wọ́n wá jókòó sílé, kí wọ́n fi pásẹ́ńtì 20 sọ ₦600,000 di púpọ̀, kí wọ́n sì fi náírà tiwọn ránṣẹ́. Mo ń fura sí èyí díẹ̀, torí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ mọ́ jù. Owó tó bá ti ọwọ́ onísẹ́ńjì wá máa ń ní ìdí tó rí wúruwùru, ọgọ́rùn-ún mélòó kan, àádọ́ta. ₦720,000 tó bọ́ sí pásẹ́ńtì 20 gẹ́lẹ́, kálíkúlétọ̀ ló jọ pé ó bí i.

Bí o ṣe máa béèrè rèé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́, séfà mélòó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín fún ẹgbẹ̀rún kan? Mo fẹ́ mọ̀ nítorí ọjọ́ mìíràn." Má béèrè èrè, má dárúkọ pásẹ́ńtì rárá. Réètì ni kí o béèrè. Tí wọ́n bá sọ nọ́ńbà kan, fi pín 300,000.

Ọmọ_Ìkòròdú kọ:

Ohun tí mo sọ láti òkè nìyẹn, pé inú réètì ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí!

Bàbá_Séfà kọ:

Lórí ìyẹn, o tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò dáhùn ìdí tí 20 kò fi jẹ́ 25.

AránṣọÀjárá kọ:

Mo ti béèrè bí ẹ ṣe ní kí n béèrè ẹ. Wọ́n ní séfà 415 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn fún ₦1,000, pé ọ̀sán Sunday ni, ọ̀pọ̀ wọn kò jókòó. Wọ́n ní ọkọ̀ ni wọ́n fi ìyókù wọ̀.

Akọ̀wé_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Mo ti ṣe é. 300,000 tí a fi 415 pín jẹ́ nǹkan bíi 722.9, ìyẹn ₦722,900. Tí ẹ bá yọ ₦720,000, ₦2,900 ló kù. Owó ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà láti ibi tí wọ́n ń gbé dé ẹnubodè lè tó bẹ́ẹ̀. Ó bára mu.

Ọmọ_Ìbéréko kọ:

Ó bára mu jù! Ẹnu wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi sọ pásẹ́ńtì 20. Ní báyìí tó di ìbéèrè, 415 wá jáde, ó sì ku ₦2,900 géérégé fún ọkọ̀. Ta ló ń ṣẹ́ owó ní 415 nígbà tí ọjà wà ní 400?

Bàbá_Séfà kọ:

Ọjọ́ Sunday, mo ti gba 415 rí, mo ti gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ náírà kíákíá lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo tó wà lórí ìjókòó, ohun tó bá pè ni. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún ẹ̀gbọ́n rẹ, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Ìwọ lo mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Akọ̀wé_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi iye tó wọlé pín iye tó jáde, kí wọ́n gbàgbé réètì orí bébà. ₦720,000 tí a fi ₦600,000 pín jẹ́ 1.2. Èrè tó dé ọwọ́ Aránṣọ jẹ́ pásẹ́ńtì 20 lóòótọ́, ọkọ̀ àti onísẹ́ńjì ti wà nínú ẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n sọ bọ́ síbi tó yẹ, àlàyé tí wọ́n ṣe sí i ni kò tọ̀nà. Pásẹ́ńtì 25 ni réètì mú wá, ìrìn àjò owó náà sì jẹ ₦30,000 nínú ẹ̀.

Ìyá_Ìdòwú kọ:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, nítorí mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Gbogbo yín ń pe èyí ní èrè. Aránṣọ, ṣé o ṣì fẹ́ ra maṣíìnì náà?

AránṣọÀjárá kọ:

Mo fẹ́ ẹ, ìyá. Iṣẹ́ ọdún ń bọ̀.

Ìyá_Ìdòwú kọ:

Séfà lo sì máa fi rà á. Tí o bá mú ₦720,000 yìí padà lọ sí Sẹ̀mẹ̀, 395 ni Bàbá ní wọ́n máa kà fún ọ lórí ẹgbẹ̀rún. 720 lọ́nà 395, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, séfà 284,400 ni. Ìwọ tó ní 300,000 tẹ́lẹ̀! Séfà 15,600 ti lọ. Èrè wo nìyẹn?

Akọ̀wé_Ẹ̀pẹ́ kọ:

Ìyá, ẹ gbóná. Pásẹ́ńtì 5.2 ló pàdánù ní séfà, ó sì jèrè 20 ní náírà, lórí owó kan náà.

Ọmọ_Ìbéréko kọ:

Ẹ má dà á rú mọ́ wa lójú. Náírà ló fi bẹ̀rẹ̀, náírà ló bọ́ sí i lọ́wọ́, èrè ni. Tó bá fẹ́ ra maṣíìnì, ọjà mìíràn nìyẹn.

Ìyá_Ìdòwú kọ:

Èrè tí kò lè ra ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó owó jọ. Mo gbọ́.

Bàbá_Séfà kọ:

Mi ò ní bá yín parí ìjà yẹn. Ẹni tó ń náwó rẹ̀ ní Agbálátà, náírà ni kó fi wọ̀n ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà Agbálátà náà kò dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń náwó rẹ̀ ní Tọ́kpà, séfà ni. Lójú tèmi, owó tó ti di séfà, tí ẹ sì mọ̀ pé séfà lẹ ṣì máa fi san nǹkan, ẹ má dá a padà sí náírà. Ìgbà méjì lẹ máa san oúnjẹ onísẹ́ńjì, lálọ àti lábọ̀, kódà bí réètì kò bá mira. Láti 395 sí 410 jẹ́ nǹkan bíi pásẹ́ńtì mẹ́rin tó máa lọ báyẹn, àti tí kò bá jẹ́ ọjọ́ Sunday.

AránṣọÀjárá kọ:

Mo ti rí maṣíìnì mìíràn. Ẹnìkan ní Àjàṣẹ́ ń tà á ní séfà 280,000. Èmi fúnra mi ni mo máa lọ ní Thursday, mi ò rán ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi ní òun máa bá mi lọ ka owó.

Bàbá_Séfà kọ:

280,000 ní 395 jẹ́ nǹkan bíi ₦708,900. ₦11,000 ó lé díẹ̀ á ṣẹ́kù fún ọkọ̀ nìkan, owó tí o máa fi gbé maṣíìnì náà kọjá ẹnubodè kò sí nínú ẹ̀, wá ìyẹn sọ́tọ̀. Tí réètì bá di 388 kó tó di Thursday, ₦720,000 kò ní pé séfà 280,000 mọ́, séfà 279,360 ni wàá rí. Pe ẹnìkan ní Sẹ̀mẹ̀ ní Wednesday, kí o sì sọ fún un pé ríra lo fẹ́ ra séfà, kó má baà pe réètì títà fún ọ.

Ìyá_Ìdòwú kọ:

Bàbá, èmi náà ní ìbéèrè kan kẹ́ ẹ tó lọ. Láti oṣù tó ń bọ̀, ṣé kí n sọ iye náírà fún ọmọ mi ni, àbí iye séfà?

Bàbá_Séfà kọ:

Séfà 50,000 ni kí ẹ bá a ṣe àdéhùn lé, kí ẹ máa béèrè réètì lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́. Lóṣù kan ẹ lè san ₦125,000, lóṣù mìíràn ₦122,000 tàbí ₦130,000. Ẹ̀yin ló máa gbé wàhálà réètì yẹn, kì í ṣe òun. Tí agbára yín kò bá gbé e, ẹ sọ fún un ní séfà iye tí ẹ máa dín, kó lè mọ bó ṣe máa jẹun.

Ìyá_Ìdòwú kọ:

Mo ti fi ₦5,000 kún un ní àárọ̀ yìí. Ó ní séfà 1,975 lòun rí gbà nínú ẹ̀.

Ọmọ_Ìbéréko kọ:

395 nìyẹn.